"Ogójì ìwé ni kí o ṣe": bí a ṣe ń mọ ohun tí oníbàárà ń sọ nígbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ní ìtúmọ̀ méjì

Àwọn ọmọ iṣẹ́ tó kọ́ títẹ̀wé àti fọ́tòkọ́pì lọ́dọ̀ mi ní Àjàṣẹ́ níbí, tí wọ́n ti lọ dá ṣọ́ọ̀bù tiwọn sílẹ̀ ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, kì í yé bi mí ní ìbéèrè kan náà: "Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ ohun tí oníbàárà sọ, ohun tí mo gbọ́ gan-an ni mo ṣe, ó tún ní ìyẹn kọ́ ni òun fẹ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ tẹ́lẹ̀?" Mo ti dáhùn rẹ̀ lórí fóònù títí ó fi sú mi láti máa tún un sọ. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí le lọ́dọ̀ tiwa ju ibòmíràn lọ, torí èdè mẹ́ta ló ń pàdé lórí káńtà wa. Ẹni tó lọ sílé ìwé níbí á fi ọ̀rọ̀ Faransé pe nǹkan. Ẹni tó gba Ìdírókò àti Ìgólò wọlé á fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì pè é. Yorùbá tí àwa méjèèjì jọ ń sọ náà ní ọ̀rọ̀ tó fẹ̀ ju iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe lọ. Kò sí èyí tó fẹ̀ tó "ìwé".

## Ìgbà wo ló yẹ kí ẹ béèrè?

Ẹ má bi oníbàárà nípa gbogbo ọ̀rọ̀, yóò rò pé ẹ kò mọ iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kan tó ìbéèrè kìkì nígbà tí ìtúmọ̀ rẹ̀ méjèèjì bá máa gbé yín lọ síbi iṣẹ́ méjì tó yàtọ̀. Bí ẹnì kan bá ní "ẹ bá mi ṣe ìwé yìí ní ẹyọ kan", tó sì na ewé bébà kan tí wọ́n kọ sí lójú kan ṣoṣo sí yín, bó bá ní ẹ̀dà kan lọ́kàn, bó bá ní ewé kan lọ́kàn, nǹkan kan náà ni yóò gbà. Ẹ ṣe é, ẹ fún un.

Àmọ́ bí iye bá ti ju ẹyọ kan lọ, tàbí tí ìwé náà bá ti ju ojú kan lọ, ẹ dúró.

## Ìgbésẹ̀ márùn-ún

1. Ẹ wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ tán. "Ẹ bá mi tẹ èyí" lè jẹ́ kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, ó sì lè jẹ́ kí ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde lórí bébà. Bó bá jẹ́ ohun tí wọ́n fi bíìrò kọ ló mú wá, títẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ni. Bó bá jẹ́ fóònù ló nà sí yín, títẹ̀ jáde ni. Ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀ nìkan ló ṣòro: ó lè fẹ́ fọ́tòkọ́pì, ó lè fẹ́ kí ẹ tún un tẹ̀ torí orúkọ kan tó ṣì. Èyí ni kí ẹ bi í.

2. Ẹ fi ojú inú wo ohun tí yóò gbé jáde ní ẹnu ọ̀nà. Ẹ yé ronú lórí ọ̀rọ̀, ẹ ronú lórí ẹrù. Bí ìtúmọ̀ àkọ́kọ́ bá jẹ́ òótọ́, kí ni yóò gbé lọ? Bí èkejì bá jẹ́ òótọ́ ńkọ́? Bí ẹrù méjèèjì bá yàtọ̀, ẹ ti rí ibi tí ìbéèrè wà.

3. Ẹ bi í ní ẹyọ ìbéèrè kan, nípa ohun tí yóò fi ṣe. Ta lẹ fẹ́ fún? Èèyàn mélòó? Ta ló ní kí ẹ mú un wá? Oníbàárà lè má mọ orúkọ tí àwa fi ń pe nǹkan, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí òun fẹ́ fi nǹkan ṣe.

4. Ẹ tún un sọ fún un pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí kò fẹ̀. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ dá a lóhùn. Lọ́dọ̀ mi, a kì í sọ "ìwé" lásán síra wa nídìí iṣẹ́. *Ewé* ni bébà kan. *Ojú ìwé* ni ẹ̀gbẹ́ kan lára ewé náà. *Ẹ̀dà* ni odindi ìwé tí a tún ṣe lẹ́ẹ̀kan. *Ìwé pẹlẹbẹ* ni èyí tí a ká pọ̀ tí a fi pín-ìn-nì kàn láàárín. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin wọ̀nyí, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀.

5. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójú rẹ̀, ẹ fi nọ́ńbà kọ iye. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe ẹyọ kan, ẹ fi lé e lọ́wọ́ kí ẹ tó ṣe ìyókù. Bó bá ti gbà á, tó ṣí i wò, tó sì ní "ó dáa", ẹ lè fi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́.

## Ọ̀rọ̀ "ìwé": bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ sí mi

Ìyá kan wá sọ́dọ̀ mi ní Ọjọ́bọ̀ kan. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n fẹ́ sin ìyá wọn. Wọ́n mú ètò ìsìnkú tí wọ́n ti kọ sínú ìwé àjákọ ọmọ ilé ìwé wá, pẹ̀lú àwọn orin àti orúkọ àwọn ọmọ olóògbé. Mo tẹ̀ ẹ́, mo fi àwòrán olóògbé sí iwájú, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ojú ìwé mẹ́jọ ní ìwọ̀n kékeré, èyí tí a ń ká bébà A4 sí méjì láti rí. Wọ́n kà á, omi bọ́ lójú wọn, wọ́n ní ó dára. Wọ́n wá ní, "Ọmọ mi, ogójì ìwé ni kí o ṣe."

Mo ní, "Ṣé ogójì ìwé, Ìyá?"

Wọ́n ní, "Hẹn."

Mo ka ogójì ewé bébà, mo fi wọ́n sínú ẹ̀rọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò náà pọ̀. Ewé A4 kan tí a ká sí méjì máa ń fún wa ní ojú ìwé mẹ́rin: méjì níwájú, méjì lẹ́yìn. Ètò olójú ìwé mẹ́jọ máa gba ewé méjì nìyẹn. Ogójì ewé yóò wá di ogún ìwé pẹlẹbẹ. Ogójì ìwé pẹlẹbẹ ni wọ́n sì fẹ́, èyí tó gba 80 ewé. Ìdajì ohun tí wọ́n bẹ̀ mí ni mo ṣe, a kò sì mọ̀ títí wọ́n fi dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tí wọ́n kà á, tí wọ́n wojú mi. Mo jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú, mo tẹ ogún tó kù, mo ká wọn, mo kàn wọ́n, mo fi ọ̀kadà gbé wọn dé ilé òkú. N kò gba kọ́bọ̀ kún un. Ìyá náà kò bínú, ìyẹn gan-an ló dùn mí.

Ẹ wo ibi tí mo ti ṣì í. Kì í ṣe pé n kò béèrè. Mo béèrè! Àmọ́ ọ̀rọ̀ tó fẹ̀ yẹn náà ni mo tún gbé padà fún wọn, wọ́n sì gbọ́ ìtúmọ̀ tiwọn nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èmi náà ti gbọ́ tèmi. "Hẹn" tí wọ́n sọ kò yanjú nǹkan kan. Ìbéèrè tí ì bá gbà mí là nìyí: "Ìyá, èèyàn mélòó lẹ fẹ́ pín in fún?" Wọn ì bá ní "ogójì", ìṣirò ewé á wá di tèmi.

Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti dá iye fún mi lórí ohun tó ju ojú ìwé kan lọ, iye èèyàn ni mo máa ń béèrè. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ ṣe fọ́tòkọ́pì ìwé ẹ̀kọ́, mo máa ń béèrè ohun kan kún un: "Ṣé ojú kan ni àbí ojú méjèèjì?" Ojú ìwé 12 lè gba ewé 12, ó sì lè gba mẹ́fà.

## "Tábù" àti "tábìlì": iṣẹ́ mẹ́ta lábẹ́ orúkọ kan

Ẹ fara balẹ̀ síbí, pàápàá ní àsìkò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ń mú ìwé àṣekágbá wọn wá. Ọmọ náà á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi fi tábù sí i." Ẹni tó wá láti apá Nàìjíríà á ní "tábìlì". Kò sẹ́ni tó ń wá tábìlì onígi lọ́dọ̀ wa, ìyẹn rọrùn. Àmọ́ nínú ìwé fúnra rẹ̀, nǹkan mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ yẹn lè jẹ́: àpótí onílà tí a ń to nọ́ńbà sí, àtòjọ orí ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ojú ìwé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, tàbí àtòjọ àwọn àwòrán. Ibi tí a ti ń ṣe wọ́n lórí Word tó ń sọ Faransé yàtọ̀ síra:

```
Insertion > Tableau
Références > Table des matières
Références > Insérer une table des illustrations
```

Bó bá jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ ń lò:

```
Insert > Table
References > Table of Contents
References > Insert Table of Figures
```

Ìbéèrè tí yóò yanjú rẹ̀ ni: "Níbo lo fẹ́ kó wà?" Bó bá ní "lábẹ́ ibi tí mo ti ka iye àwọn àgbẹ̀", àpótí onílà ni. Bó bá ní "níwájú" tàbí "ní ìparí", àtòjọ ni. Ẹ tún fetí sí ìyàtọ̀ yìí: àwọn tó kàwé ní ètò Faransé sábà máa ń fi àtòjọ kúkúrú síwájú, kí wọ́n tó fi èyí tó kún rẹ́rẹ́ sẹ́yìn. Àwọn ti Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi èyí tó kún síwájú. Nítorí náà, bí ọmọ Àjàṣẹ́ bá ní níwájú, ẹ béèrè bóyá orí ńláńlá nìkan ló fẹ́.

Ìkìlọ̀ kan wà níbí. Àtòjọ orí ọ̀rọ̀ kò lè jáde bí ọmọ náà bá kàn mú kí àkọlé rẹ̀ dúdú kirikiri, tí kò fi Titre 1 àti Titre 2 sàmì sí wọn. Bí ẹ bá tẹ Table des matières, tí ẹ sì rí

```
Aucune entrée de table des matières n'a été trouvée.
```

ẹ má rò pé ẹ ti ṣi ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Ẹ ti gbọ́ ọ dáadáa, ìwé rẹ̀ ni kò tíì ṣe tán. Ẹ padà lọ sàmì sí àkọlé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì sọ fún un pé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí owó má baà di àríyànjiyàn.

## "Ṣíìtì" àti "fẹ́ì": ẹ jẹ́ kó fi ìka kàn án

Ẹni tó mú ìṣirò ẹgbẹ́ àjọ wá lórí Excel á ní, "Ṣíìtì kejì nìkan ni kí ẹ tẹ̀ jáde," tàbí "fẹ́ì kejì" bó bá jẹ́ ti Faransé. Ó lè jẹ́ ewé bébà kejì tó máa jáde nínú ẹ̀rọ. Ó lè jẹ́ ṣíìtì kejì nísàlẹ̀ kọ̀ǹpútà, níbi tí ẹ ti ń rí Feuil1, Feuil2 (tàbí Sheet1, Sheet2). Ọ̀nà tó yá jù lọ kò gba ọ̀rọ̀ rárá. Ẹ yí ojú kọ̀ǹpútà sí i, ẹ ní, "Ẹ fi ìka yín kàn án." Bó bá fi ìka kan Feuil2 nísàlẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ó ṣí, ẹ lọ síbi ìtẹ̀jáde, ẹ rí i pé

```
Imprimer les feuilles actives
```

ló wà níbẹ̀, kó má jẹ́ `Imprimer le classeur entier`. Bó bá jẹ́ ewé kejì ló ń sọ, ẹ fi nọ́ńbà 2 sí ibi méjèèjì tí wọ́n ti ń béèrè ojú ìwé.

Ẹ má ṣe fi ojú fo èyí: ìṣirò kan tó gùn lè wà nínú Feuil1 nìkan, síbẹ̀ kó gba ewé mẹ́rin. "Kejì" rẹ̀ kò ní í ṣe pẹ̀lú Feuil2 rárá.

## "Ìwé báǹkì": ta ló ní kí ẹ mú un wá?

Báǹkì fúnra rẹ̀ kì í dà wá láàmú, àyàfi bí ẹni tó fẹ́ ra báǹkì iná fóònù bá ṣèèṣì wọ ṣọ́ọ̀bù wa. Ìwé tó so mọ́ ọn ló ń fa wàhálà. "Mo fẹ́ fọ́tòkọ́pì ìwé báǹkì mi" lè jẹ́ ìwé kékeré tí nọ́ńbà àkáǹtì wà lórí rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní ríìbù. Ó lè jẹ́ àkọsílẹ̀ owó tó wọlé àtèyí tó jáde. Bí àwọn méjèèjì bá wà nínú fáìlì tó mú wá, ẹ béèrè pé ta ló ní kó mú un wá. Ẹni tó fẹ́ san owó oṣù fún un, nọ́ńbà àkáǹtì ló ń wá. Ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ní owó tí yóò fi rìnrìn àjò, àkọsílẹ̀ owó ló ń wá, ẹ sì gbọ́dọ̀ ka iye oṣù tó béèrè fún.

## Àtẹ̀jíṣẹ́ tí kò ní àmì ohùn

Lórí WhatsApp, ìṣòro mìíràn ni. Àwọn ọ̀rọ̀ tí etí mọ̀ yàtọ̀ máa ń di ọ̀kan náà lójú. Ẹ wo èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi láti Kétu:

```
E jowo e ba mi ko oruko oko mi si ori foomu yen
```

Ọkọ rẹ̀ ni? Ọkọ̀ rẹ̀ ni? Oko rẹ̀ ni? Fọ́ọ̀mù náà ló yẹ kó dá wa lóhùn, ẹ kọ́kọ́ wò ó. Bó bá ṣì rú yín lójú, ẹ má kọ "oko" padà sí i, bí ẹ tilẹ̀ fi àmì sí i, torí fóònù rẹ̀ lè má gbé àmì náà dáadáa. Ẹ lo ọ̀rọ̀ tó yàtọ̀ pátápátá: "Ṣé baálé yín ni, àbí mọ́tò, àbí ilẹ̀ tí ẹ ń dá?" Ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kò jọra, bí àmì bá tilẹ̀ bọ́ sọnù. Bákan náà ni "igba": ẹ ní kí ó fi nọ́ńbà kọ 200. Bó bá sì pọ̀ jù, ẹ ní kí ó fi ohùn ránṣẹ́. Ohùn rẹ̀ á gbé àmì rẹ̀ wá fúnra rẹ̀.

## Àṣìṣe tí mo máa ń rí lọ́wọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́

- Wọ́n á béèrè ìbéèrè mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Oníbàárà á dáhùn èyí tó gbẹ̀yìn nìkan.
- Wọ́n á máa tún ọ̀rọ̀ àgbàlagbà ṣe: "Bàbá, kì í ṣe tábù là ń pè é." Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Bàbá kò wá kọ́ èdè. Ẹ fi ọ̀rọ̀ tiyín sínú ìdáhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ó ti yé mi, Bàbá, àpótí onílà, kí ó ní ìlà mẹ́wàá."
- Wọ́n á fi ibi tí èèyàn ti wá ṣe ìdájọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ Àjàṣẹ́ ló kàwé lápá kejì ẹnubodè, wọ́n sì ń lo ọ̀rọ̀ ibẹ̀.
- Ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà á fi ẹnu sọ ọ́ fún ẹlòmíràn tó jókòó ti ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ti tú yóò tún di. Ìwé tí ẹ kọ sílẹ̀ ni kí ẹ gbé fún un.

## Bí oníbàárà kò bá sí nítòsí, tí kò sì gbé fóònù

Ẹ má jókòó lásán, ẹ má sì dágbá lé e. Ẹ pín iṣẹ́ náà sí méjì: èyí tó ṣeé yí padà àtèyí tí kò ṣeé yí padà.

- Títẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, títo ojú ìwé, fífi àwòrán sí i: gbogbo rẹ̀ ṣeé yí padà. Ẹ ṣe é tán.
- Títẹ ẹ̀dà kan jáde: bébà díẹ̀ péré ni yóò ná yín. Ẹ ṣe é, kó dúró dè é.
- Títẹ gbogbo iye náà, gígé bébà, kíkàn án, dídì í ní èèpo: ẹ dúró. Bébà tí a ti gé kò ṣeé so padà.

Ẹ ya fọ́tò ẹ̀dà kan náà, ẹ gbé e sórí tábìlì níbi tí ìwọ̀n rẹ̀ yóò ti hàn, ẹ fi ránṣẹ́ sí i, kí ẹ kọ ìlà kan sábẹ́ rẹ̀: "Irú èyí, 40, ewé 80 lápapọ̀. Ṣé ká máa bá a lọ?" Bó bá rí 80 níbẹ̀ tó sì jẹ́ ohun mìíràn ló ní lọ́kàn, òun fúnra rẹ̀ ni yóò pè yín.